Wọ́n Ní Ká Gba Àárín Ìjì Kọjá

Ẹni tí kò rí òkun rí ló máa ń mọ̀ ọ́n tukọ̀ jù. Mo ti rí i ní Ìyànà Ọ̀fà, lórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ èlùbọ́ mi, níbi tí àwọn ọkùnrin tí wọn ò wọ omi tó kọjá orúnkún rí ti máa ń júwe ọ̀nà fún ọkọ̀ ojú omi. Ẹ̀rín a máa pa mí. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ẹ̀rín ò pa mí. Inú ló bí mi, ó sì ń bí mi títí di bí mo ṣe ń wí yìí, torí èmi alára wà nínú ọkọ̀ tí wọ́n ń júwe ọ̀nà fún.

Kí n tó di ẹlẹ́lùbọ́, alásè ni mí nínú ọkọ̀ òkun. Ẹ má bi mí bí ọmọ Lagelu tí kò ka ìwé kọjá pírámárì ṣe dé ibẹ̀. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ní ilé oúnjẹ ní Ẹgbẹ́dá, ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ìkòkò ńlá tí ìdí rẹ̀ kò ní jóná. Ọkùnrin kan tó ń bá àwọn ọlọ́kọ̀ ṣiṣẹ́ ní Àpápá yà jẹun níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó ní ọwọ́ mi dùn, ó mú mi lọ. Wọ́n kọ́ mi bí èèyàn ṣe ń bẹ́ sómi tí kò ní kú, wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pa iná, wọ́n wá fún mi ní ilé ìdáná tí kì í dúró sójú kan. Ìkòkò níbẹ̀ ń jó, alásè ń jó, àwo ń jó. Ẹ̀wà nìkan ló máa ń fara balẹ̀, torí ó wúwo.

Kajú ló kún inú ọkọ̀ náà lọ́tẹ̀ yẹn, àpò lórí àpò. Kajú ilé wa ni. Alàájì kan wà tí gbogbo oko láti Ìrókò títí dé ẹ̀yìn Ìyànà Ọ̀fà ń kó kajú wọn fún. Ó máa ń fi lọ́rí kó o lọ sí Èkó, àwọn ilé iṣẹ́ kan tó ń háyà ọkọ̀ á wá bá a gbé e lọ sí ilẹ̀ Fiẹtináàmù, níbi tí wọ́n ti ń pa á. Nígbà tí Alàájì gbọ́ pé inú ọkọ̀ tó gbé ẹrù òun ni mo wà, inú rẹ̀ dùn bí ẹni pé èmi ni wọ́n ní kí n jókòó lé àwọn àpò náà.

Ọ̀nà ibẹ̀ jìn. Láti Èkó, a máa ń sọ̀ kalẹ̀ títí dé ìdí ilẹ̀ Áfíríkà, a ó yí ìdí náà po, a ó já sí òkun Íńdíà, a ó wá dá a kọjá ní ìdábùú lọ sí apá ìlà-oòrùn. Nínú òkun yẹn ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ìkòkò mi ń rọra fì. Kò sí afẹ́fẹ́. Ojú ọ̀run mọ́, àfi ìkúukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó nà lókè bí òwú tí wọ́n ya. Ṣùgbọ́n òkun ń wú, ó ń rọlẹ̀, ó ń wú, ó ń rọlẹ̀, jẹ́jẹ́, bí àyà ẹni tó sùn. Mo gbé tíì ọ̀gá ọkọ̀ gòkè lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀. Ará Íńdíà ni ọ̀gá náà, àgbàlagbà, tó jẹ́ pé tí atalẹ̀ ò bá sí nínú tíì rẹ̀, ó di ìjà. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbi àwòrán òkun ni ọmọkùnrin Ìlàjẹ kan tí ipò rẹ̀ ṣe ìkẹta nínú ọkọ̀, òun ló ń fa ọ̀nà tí a máa gbà. Èmi àti òun nìkan la jọ ń sọ Yorùbá nínú gbogbo ọkọ̀ yẹn. Mò ń pè é ní ọ̀gá kékeré, òun ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n, torí mo jù ú lọ dáadáa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló lè pàṣẹ fún mi.

Mo ní, "Ọ̀gá kékeré, kí ló ń ṣe òkun yìí? Afẹ́fẹ́ ò sí, ó sì ń mí."

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹnì kan ló ń rú u lọ́nà jíjìn. Ìgbì rẹ̀ ló ti ṣíwájú rẹ̀ dé yìí. Òun náà ń bọ̀."

"Ta ni?"

Ó fi ìka kan ojú àwòrán. Mo rí nǹkan róbótó kan, bí ẹyin tí wọ́n dín tí àárín rẹ̀ dá lu. Ó ní sáíkílóònù ni, ìjì òkun tó ń pọ̀yì. Ó ní àwọn tó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ní erékùṣù kan lápá ibẹ̀ ló ń fi ìròyìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ọkọ̀.

Mo ní báwo ni ìjì ṣe ń jókòó sórí òkun bí ẹni tó kọ́lé.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará oko Ìbàdàn! Ẹ̀yin tí ẹ ń se ẹ̀wà lójoojúmọ́ lẹ ń bi mí? Oòrùn ti ń mú òkun ibẹ̀ gbóná láti oṣù mélòó kan. Kì í ṣe ojú omi nìkan ló gbóná o, ó gbóná wọnú lọ dáadáa. Oru omi yẹn ń gòkè. Tó bá dókè, tó tutù, tó di ìkúukùu, gbogbo ooru tó gbé láti ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ló máa tú u sí. Ooru yẹn á tún ti afẹ́fẹ́ lọ sókè sí i. Ìsàlẹ̀ á wá fúyẹ́. Afẹ́fẹ́ ọ̀tún, afẹ́fẹ́ òsì, gbogbo wọn á máa sáré bọ̀ wá dí àlàfo. Bí wọ́n sì ṣe ń sáré bọ̀ lórí omi gbígbóná, wọ́n tún ń kó oru sí i."

"Kí wọ́n wá pàdé láàárín, kó tán."

"Wọn ò lè pàdé. Ayé ń yí, ẹ̀gbọ́n. Yíyí ayé kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba tààrà, ó máa ń yà á. Bó ṣe ń yà yẹn ló fi ń pọ̀yì yí àárín ká. Níhìn-ín, ní ìsàlẹ̀ ayé, ó ń yí bí ọwọ́ agogo. Lápá òkè tiwa, òdì ni."

Mo ní, "Ní Èkó ńkọ́, omi ibẹ̀ náà gbóná, kí ló dé tí a kì í rí i?"

"A súnmọ́ ìlà tó pín ayé sí méjì jù. Nítòsí ìlà yẹn, yíyí ayé kì í lè ya afẹ́fẹ́ dáadáa, kò lè pọ̀yì." Ó yọjú wo tíì. "Àti pé Ọlọ́run mọ̀ pé ariwo Èkó tó Èkó."

Mo bi í bí wọ́n ṣe ń pa á. Ó ní ẹnikẹ́ni kì í pa á. Tó bá gun orí ilẹ̀, tàbí tó bọ́ sórí omi tútù, á kú fúnra rẹ̀, torí wọ́n ti yọ iná lábẹ́ ìkòkò nìyẹn. Tàbí kí afẹ́fẹ́ òkè máa gbá orí rẹ̀ lọ sí ibì kan nígbà tí ti ìsàlẹ̀ ń lọ síbòmíì, yóò fọ́. Ọ̀rọ̀ ìkòkò ló jẹ́ kó yé mi kíákíá.

Wọ́n fa ọ̀nà tiwa lójú àwòrán, wọ́n fa ọ̀nà tirẹ̀. Tiwa ń lọ sókè sápá ìlà-oòrùn. Tirẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ wá sọ́dọ̀ wa. Ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti fẹ́ pàdé kò nílò ẹni tó kàwé. Níwájú ìjì náà, wọ́n ya nǹkan kan tó ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń lọ, bí ẹnu kàkàkí. Mo ní kí ni yẹn. Ọ̀gá kékeré ní ibi tó ṣeé ṣe kó gbà ni, torí ìjì kì í wí fún ẹnikẹ́ni. Ti ọ̀la, wọ́n lè mọ̀ ọ́n díẹ̀. Ti ọ̀túnla, kí Ọlọ́run ṣàánú. Ìdí nìyẹn tó fi ń fẹ̀.

Ọ̀gá ọkọ̀ gbé tíì rẹ̀ mu. Ó ní, "A kì í gba iwájú rẹ̀ kọjá. A máa dúró dè é kó kọjá, a ó wá gba ẹ̀yìn rẹ̀." Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ká ní ó dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ǹ bá fẹ́ràn rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ dé láti ilẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó háyà ọkọ̀ kọ̀wé sí ọ̀gá pé àwọn rí i pé ó ti dín eré kù. Kí ló dé? Ọ̀gá dá wọn lóhùn. Wọ́n tún kọ̀wé: àwọn náà ti wo ojú ọjọ́, bí ó bá tẹ iná mọ́ ọkọ̀ báyìí, ó máa kọjá kí ìjì tó dé ibẹ̀, kó máa lọ tààrà. Ẹ gbọ́ ná! Ẹni tó jókòó sí yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, tí ife kọfí rẹ̀ ò dànù rí, òun ló ń sọ pé á kọjá. Tí kò bá wá kọjá ńkọ́? Ṣé òun ló máa wẹ̀ ni? Wọ́n tún kọ ọ́ lẹ́sẹ̀ ìwé náà pé bí ẹrù bá pẹ́, orí ọ̀gá ni ẹ̀sùn máa wà, àti pé àwọn ọ̀gá ọkọ̀ mìíràn wà tó ń wá iṣẹ́.

Wọ́n lè kọ bẹ́ẹ̀ sí ọmọdé, kó fa ìwé ya. Ṣùgbọ́n àgbà tó ti fẹ́ fẹ̀yìn tì, tó ní ọmọ nílé ìwé, irú ọ̀rọ̀ yẹn máa ń wọ̀ ọ́ lára. Ọ̀gá kò ní ká tẹ iná. Ṣùgbọ́n kò dúró mọ́. Ó ní ká máa rọra lọ síwájú ná, ká máa wò ó. Ọ̀gá kékeré ní, "Sà, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ la ń wọ̀ yìí o." Ọ̀gá ní òun ti gbọ́. Mo wà níbẹ̀, mo ń kó ife. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n alásè tó bá ń dá sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ọbẹ̀ ni wọ́n máa ní kó lọ wò. Mo lọ wo ọbẹ̀, mò ń bú wọn nínú ọbẹ̀.

Ìgbà yẹn ni Alàájì pè mí lórí Wọ́sáàpù, torí ọkọ̀ náà ní íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń gba ojú ọ̀run wá. Ìyẹn náà gbọ́dọ̀ bí èèyàn nínú. Ọmọ Alàájì ti fi ojú fóònù hàn án pé wọ́n lè máa wo ọkọ̀ lórí òkun, á dà bí ọfà kékeré lórí omi. Láti ìgbà yẹn, Alàájì kì í wo nǹkan míì mọ́. Gbogbo bẹ́ǹṣì Ìyànà Ọ̀fà ló ń wo ọfà.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ló dé tí ọkọ̀ mi ń rìn bí aláboyún?"

"Ẹ káàsán, Alàájì. Ìjì ló wà níwájú, sà."

"Ìjì! Ẹ̀yin ọmọ ìsinyìí! Ṣé òjò ò rọ̀ lójú ọ̀nà Ifẹ̀ rí ni? Ṣé lọ́rí mi máa ń dúró? Wàláì, sọ fún òyìnbó yẹn kó máa tẹ iná lọ. Kajú mi ń làágùn nínú ibẹ̀!"

"Kì í ṣe òyìnbó, sà. Íńdíà ni."

"Íńdíà kẹ̀? Wọ́n á ti fẹ́ gbé e lọ sí Íńdíà nìyẹn!"

Mo pa fóònù. Mo ní ẹ̀kọ́ kan lójú ọ̀nà Ifẹ̀: tí òjò bá le, èèyàn lè páàkì sábẹ́ igi. Kò sígi lójú òkun.

Nígbà tó yá, afẹ́fẹ́ dé. Kò kọ́kọ́ le, ṣùgbọ́n kò dáwọ́ dúró, ó ń fẹ́ láti apá gúúsù ìlà-oòrùn. Agogo kan wà lára ògiri yàrá ìwakọ̀ tó ń sọ bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó. Ọwọ́ rẹ̀ ń wálẹ̀. Ọ̀gá kékeré jáde síta, ó kọjú sí afẹ́fẹ́ gan-an, ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ gbọọrọ.

Mo ní, "Ta lò ń kí?"

Ó ní, "Òun ni. Ní ìsàlẹ̀ ayé níhìn-ín, tí ẹ bá kọjú sí afẹ́fẹ́, ọwọ́ òsì yín ló máa tọ́ka ibi tí àárín ìjì wà. Ọ̀dọ̀ tiwa nílé, ọwọ́ ọ̀tún ni."

Ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka síwájú ọkọ̀. Ó wọlé, ó tún jáde nígbà tó ṣe, ó kọjú sí afẹ́fẹ́, ó na ọwọ́. Ibì kan náà ni. Ó tún jáde. Ibì kan náà. Afẹ́fẹ́ ti le débi tí ṣòkòtò rẹ̀ ń pariwo bí àsíá. Ibì kan náà. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà. Ó wọlé, omi òjò ń kán lára rẹ̀, ó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ ní gẹ̀ẹ́sì tí mo gbọ́ yékéyéké: "Sà, agogo ń wálẹ̀, afẹ́fẹ́ ò kúrò lójú kan. Ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí."

Èmi ò mọ̀. Mo ní kí ni. Kò sẹ́ni tó ní kí n lọ wo ọbẹ̀ mọ́.

Ọ̀gá kékeré ní, "Tó bá fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá ni, afẹ́fẹ́ á máa yí, ọwọ́ mi á máa yí tẹ̀lé e. Kò yí. Ojú ọ̀nà rẹ̀ gan-an la dúró sí. Ó ń bọ̀ wá bá wa."

Ọ̀gá wo ìwé ilé iṣẹ́ tó háyà ọkọ̀, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì. Ó fà á kúrò. Kò fà á ya, ó kàn ká a, ó fi ife tíì lé e. Ó wá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó jí: "Ẹni tó wà lórí omi ló ní àṣẹ. Òfin gbogbo ayé sọ bẹ́ẹ̀. Báwo ni mo ṣe gbàgbé?"

Ó ní kí wọ́n yí ọkọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn. Kì í ṣe pé ó kàn ń sá o. Ọ̀gá kékeré ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nígbà tí a ti jáde nínú rẹ̀: ìjì yẹn ní ẹ̀gbẹ́ méjì. Níbí, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ló burú jù, tí èèyàn bá fojú sí ibi tí ìjì ń lọ. Níbẹ̀, eré tí ìjì ń sá àti eré tí afẹ́fẹ́ ń sá pa pọ̀ ni, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì máa ń fa ọkọ̀ lọ síwájú rẹ̀. Ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó dẹ̀ díẹ̀, ó sì máa ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, wọ́n jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa gbá wa ní ìdí láti ọwọ́ òsì ọkọ̀, a sì ń bá a lọ síbi tó dẹ̀. Wọ́n ní ó dẹ̀ o! Tí ibi tó dẹ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ọ̀tá mi rí èyí tó le. Ìgbì ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè, ó ń jù ú sílẹ̀. Mo de gbogbo ìkòkò. Búrẹ́dì àti sàdíìnì ni mo pín, ẹni tó bá ní ikùn tó lè gbà á, kó gbà á.

Àárín rẹ̀ ni fóònù mi dún. Ìyá mi ni.

"Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Wọ́n wà níwájú ilé mi báyìí. Alàájì àti àwọn èèyàn rẹ̀. Wọ́n ní ọfà ti yí padà. Wọ́n ní ẹ ti jí kajú, ẹ ń gbé e bọ̀ wá tà fún ẹlòmíì. Ṣé òótọ́ ni?"

Ẹ wo ọ̀rọ̀! Mo fi ẹsẹ̀ kan de ara mi mọ́ tábìlì, mo fi ọwọ́ kan di ìkòkò mú, wọ́n ń bi mí bóyá mo jalè.

"Màámi, ìjì la ń yí fún o! Níbo la fẹ́ tà á sí láàárín òkun, fún ẹja?"

Mo gbọ́ Alàájì lẹ́yìn: "Gba fóònù lọ́wọ́ wọn! Ìwọ! Kí ni ọfà ń wá lẹ́yìn? Ọjà ń lọ sí iwájú, ọfà ń lọ sẹ́yìn, kí là ń pe ìyẹn nínú ìwé tiyín?"

"Alàájì, ẹ wá bá wa wà á, sà!"

"O ń bú mi?"

"Mo ń pè yín wá jẹun ni, sà. Sàdíìnì wà."

Mo gbọ́ tí ìyá mi gba fóònù padà. Ohùn wọn ti yí. "Àwọn èèyàn yìí gba orí láfún mi kọjá. Mo sá a síwájú ilé, ọ̀nà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ò gba ẹ̀gbẹ́. Bàtà àti gbogbo rẹ̀." Wọ́n wá padà sọ́rọ̀ ìjì. "Ṣé ẹ ti yí i ká?"

"À ń yí i, Màámi."

"Ẹ yí i dáadáa. Ẹni tó pẹ́ dé, ó dé náà ni." Fóònù já.

Nígbà tó yá, ọ̀gá kékeré tún jáde síta, mo di ìgbànú rẹ̀ mú lẹ́yìn kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Ó kọjú sí afẹ́fẹ́, ó na ọwọ́ òsì. Ọwọ́ ti yí. Afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ láti gúúsù, ọwọ́ rẹ̀ tọ́ka sí ìlà-oòrùn tààrà. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó rí bàbá rẹ̀. Agogo ara ògiri dúró, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìjì ti ṣẹ́rí sí gúúsù, ó ń kọjá lọ sápá ibi tí omi ti tutù, kó lọ kú síbẹ̀. Ibi tí ilé iṣẹ́ tó háyà ọkọ̀ ní ká wà lákòókò yẹn, tí a bá gbọ́rọ̀ sí wọn lẹ́nu, ọ̀gá kékeré fi hàn mí lójú àwòrán. Àárín ẹyin dídín gan-an ni.

A gba ẹ̀yìn rẹ̀. A dé Fiẹtináàmù. A pẹ́. Kajú làágùn díẹ̀ lóòótọ́, torí a ti pa gbogbo ojú ihò tí atẹ́gùn ń gbà wọ ikùn ọkọ̀ kí omi má bàa wọlé. Ṣé wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá? Ìwé ẹ̀sùn ni wọ́n kọ sí i. Wọ́n ní ó yí ọkọ̀ padà láì gba àyè lọ́wọ́ àwọn. Mo ń gbé tíì wọlé nígbà tó ń kà á. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n fi atalẹ̀ kún un. Ohun tó dùn mí ni pé kò yà á lẹ́nu rárá. Ó ti mọ̀ wọ́n. Ẹni tó bá mú ọ lọ kú, tó ò kú, ó máa bínú sí ọ pé o pẹ́.

Nígbà tí mo délé, mo bá láfún lórí ọ̀rá níwájú ilé ìyá mi, ó funfun báláú. Ọjọ́ kejì tí mo dé ni Alàájì wá kí mi pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Ó ti gbọ́ pé ìjì yẹn wọ inú ìròyìn. Mo rí wọn lókèèrè, agbádá ń fẹ́. Wọ́n ń bọ̀ tààrà, ojú láfún ni wọ́n kọjú sí.

Ìyá mi jókòó sójú ilẹ̀kùn. Wọn ò dìde.

"Ẹ káàárọ̀, Alàájì. Ẹ má gba ibẹ̀ yẹn o."

"Ha, Ìyá, ẹ̀yin ni mo wá kí! Àlàmúdúlílàì, àdúà tí mo gbà lọ́jọ́ náà ló lé ìjì yẹn lọ. Mi ò tiẹ̀ sùn."

"Ọlọ́run á gbà á. Ẹ gba ẹ̀yìnkùlé."

Alàájì wo ẹ̀yìnkùlé. Ọ̀nà ibẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ilé ìwẹ̀, ó gba ìdí ọgbà ewúrẹ́, ó gba ibi tí wọ́n ti ń da omi ẹ̀gẹ́ tí òórùn rẹ̀ lè jí òkú. Ó ní, "Ìyá, ìṣísẹ̀ mélòó ni iwájú níbí? Mo kàn lè fò ó."

"Ẹ ò lè fò ó. Ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ fò ó, ẹ tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ jẹ́ á bọ́ bàtà."

"Ẹ má bọ́ ọ. Ẹ máa nílò rẹ̀ lẹ́yìn."

Ọ̀kan nínú àwọn tó tẹ̀lé e fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó yí i sí ikọ́. Alàájì wò mí. Mo ro pé ó fẹ́ kí n bá òun bẹ ìyá mi. Mo na ọwọ́ òsì mi gbọọrọ, mo tọ́ka ẹ̀yìnkùlé. Kò bi mí ohun tó túmọ̀ sí. Láti ọjọ́ yẹn títí dòní, kò sọ pé òun ṣàṣìṣe, kò sọ pé ìyá mi má bínú. Lórí bẹ́ǹṣì Ìyànà Ọ̀fà, àdúà rẹ̀ ló ṣì ń lé ìjì.

Ṣùgbọ́n ó ká agbádá rẹ̀ sókè lọ́jọ́ náà, ó yí ìdí ilé po. Ewúrẹ́ kígbe, a gbọ́ ọ. A gbọ́ tí ẹnì kan sọ pé, "Àsítágúfúrúláì!" níbi omi ẹ̀gẹ́. Ìyá mi ń yí láfún wọn padà sí oòrùn pẹ̀lú ọwọ́, wọn ò yára, wọn ò sì gbójú sókè títí Alàájì fi yọ lẹ́yìn ilé, tó ń mí gúlegúle, tí ọ̀kan nínú bàtà rẹ̀ ti dúdú.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó dìde fún un, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n kí àlejò.

"Ẹ káàbọ̀, Alàájì. Ẹ jókòó. Ẹ pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ dé."